Máàkì Mẹ́wàá Tó Bọ́ Nínú Ogún: Bí A Ṣe Ń Máàkì Ìdáhùn Òfin Ilé-iṣẹ́

Ìdánwò òfin ilé-iṣẹ́ ní àwọn yunifásítì Nàìjíríà kì í sábà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há òfin sórí kí ó sì kà á jáde. Ìtàn kúkúrú kan ni wọ́n máa ń fún un, nínú èyí tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti ṣòwò pọ̀ tí ọ̀rọ̀ sì ti dà rú, wọn á wá ní kí ó gba ọ̀kan nínú wọn nímọ̀ràn. Ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lè gùn tó ojú ewé márùn-ún, kí ó sì jẹ́ pé ojú ewé méjì péré ni máàkì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi máa ń kọ àtẹ máàkì sílẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé àkọ́kọ́. Àtẹ náà ń sọ ohun tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ ní àti iye máàkì tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló ń jẹ́ kí ìwé tí a kọ́kọ́ máàkì àti èyí tí a máàkì kẹ́yìn gba ìdájọ́ kan náà, òun náà sì ni olùkọ́ ń fi dáhùn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè ibi tí máàkì rẹ̀ wọlẹ̀ sí.

Ìbéèrè kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ìdánwò yìí yóò fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ hàn. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í ṣe ẹni gidi. Olùkọ́ ló dá wọn fún ìdánwò. Àdùkẹ́ fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2023, ó ra ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun lọ́wọ́ Ládípọ̀ ní ₦6,000,000, ó ní òun yóò san owó náà láàárín oṣù mẹ́ta. Ohun tó kọ sábẹ́ ìwé àdéhùn ni: "Àdùkẹ́, fún àti lórúkọ Adùn Búrẹ́dì Límítẹ́ẹ̀dì." Ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti oṣù karùn-ún ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi ẹ̀rọ ọ̀hún ṣiṣẹ́, nígbà tó sì di oṣù kẹfà, ó san ₦1,000,000 fún Ládípọ̀ láti inú àpò rẹ̀ ní báńkì. Lẹ́yìn ìyẹn kò san nǹkan kan mọ́. Kò sí àkọsílẹ̀ ìpàdé kankan tí àwọn olùdarí ti jíròrò àdéhùn náà. Ilé-iṣẹ́ ní wọn kò tíì bí òun lọ́jọ́ tí wọ́n ra ẹ̀rọ. Àdùkẹ́ ní òun kò ra ẹ̀rọ fún ara òun. Ẹ gba Ládípọ̀ nímọ̀ràn. Ogún máàkì.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ pín ogún máàkì yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀. Òfin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà rí, ìyípadà yẹn gan-an ló sì ń ṣi ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà jogún, ilé-iṣẹ́ tí a kò tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kò sí láyé, ohun tí kò sí láyé kò lè bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn, kò sì lè rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí lórí èyí ni ti Kelner pẹ̀lú Baxter, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1866. Àwọn kan tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ra wáìnì lórúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò tíì sí. Ilé-iṣẹ́ náà dúró lóòótọ́, wọ́n sì lo wáìnì náà tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó wó kí ó tó sanwó. Ilé ẹjọ́ ní ọrùn àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ni gbèsè náà wà, àti pé ilé-iṣẹ́ kò lè padà wá tẹ́wọ́ gba àdéhùn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà tẹ̀lé ọ̀nà kan náà nínú ẹjọ́ Edokpolo pẹ̀lú Sem-Edo ní 1984: bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, àfi kí ó ṣe òmíràn lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ ti 1990 ló fòpin sí èyí ní abala 72 rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ òfin náà dọ̀tun, tí Ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2020, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí abala 96. Ìpín méjì ló ní. Ìpín kìíní sọ pé ilé-iṣẹ́ lè fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ti ṣe lórúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Bó bá ti fọwọ́ sí i, òfin yóò kà á sí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn, gbèsè ibẹ̀ di tirẹ̀, èrè ibẹ̀ náà sì di tirẹ̀. Ìpín kejì sọ pé kí ilé-iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i, ẹni tó ṣe àdéhùn lórúkọ rẹ̀ ni àdéhùn náà dè, àyàfi bí òun àti ẹnì kejì bá ti sọ ọ́ gbangba láàárín ara wọn pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Abala náà kò sọ ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà fọwọ́ sí àdéhùn. Kò ní kí ìgbìmọ̀ olùdarí jókòó, kò sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Ibi tó gbọ̀jẹ̀gẹ́ yìí ni olùkọ́ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dúró sí kí ó sì ronú: ṣé ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń lò lójoojúmọ́ àti owó tó ti san kò ti fi hàn pé ó gba àdéhùn náà?

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni olùkọ́ pín máàkì rẹ̀. Mẹ́ta wà fún dídá àwọn kókó ẹjọ́ mọ̀, ọ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: ṣé ilé-iṣẹ́ ti wà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdéhùn, ṣé ó fọwọ́ sí i lẹ́yìn náà, ṣé gbèsè sì wà lọ́rùn Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀. Méje wà fún sísọ òfin: ọ̀kan fún ìlànà pé ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ di ẹni lójú òfin, méjì fún òfin àtijọ́ àti ẹjọ́ rẹ̀, méjì fún ìpín kìíní abala 96, méjì fún ìpín kejì. Nínú méjì tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀kan jẹ́ ti òfin náà fúnra rẹ̀, èkejì sì jẹ́ ti àyàfi tó wà nínú rẹ̀. Méje mìíràn wà fún fífi òfin wọn ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀: ọ̀kan fún àwọn ọjọ́, mẹ́ta fún bóyá ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn, méjì fún ipò Àdùkẹ́, ọ̀kan fún ohun tí ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe sí gbèsè ọrùn rẹ̀. Méjì wà fún ìmọ̀ràn ìkẹyìn, ọ̀kan tó kù sì wà fún títọ́ka sí òfin tó wà lójú iṣẹ́ báyìí bó ṣe yẹ. Kò sí máàkì fún gígùn ìdáhùn.

Mẹ́ta tó wà lórí ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ gba àlàyé díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́ kì í ti í ṣe bákan náà. Àtẹ náà fi ọ̀kan fún kíkó àwọn ohun tó ṣẹlẹ̀ jọ, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò àti ₦1,000,000 tí wọ́n san. Ó fi ọ̀kan fún síso wọ́n mọ́ ìfọwọ́sí inú abala 96. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì yẹ̀ wò: pé kò sí ìpinnu olùdarí kankan nílẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí Àdùkẹ́ fi ẹ̀rọ náà yá ilé-iṣẹ́, tàbí kí owó náà jẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ ṣe fún un. Ẹni tó bá parí sí pé ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí i lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá sì parí sí pé kò fọwọ́ sí i náà lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àtẹ tí kò bá kọ èyí sílẹ̀ yóò jẹ́ kí olùkọ́ máa fi máàkì san án fún àwọn tí èrò wọn bá tirẹ̀ mu, láìmọ̀.

Ìwé tí a fẹ́ yẹ̀ wò wá láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìwé dé ìwọ̀n kan. Ojú ewé kan àbọ̀ àkọ́kọ́ dá lé ẹjọ́ Salomon, tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1896. Ó ṣàlàyé oníṣòwò bàtà náà, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó di ọmọ ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́, gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ ẹ́, àti bí ìdájọ́ ṣe kọ́kọ́ lòdì sí i kó tó wá já sí rere níkẹyìn. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà, èdè rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jiyàn nínú ìbéèrè yìí bóyá ilé-iṣẹ́ àti ẹni tó ni ín jẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ojú ewé kan àbọ̀ yìí fi kan ọ̀rọ̀ ni gbólóhùn ìparí rẹ̀, pé láti ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ti di ẹni tó dá dúró. Abala 42 òfin 2020 ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀. Àtẹ fàyè gba abala náà tàbí ẹjọ́ tó bá a mu, nítorí náà olùkọ́ fi máàkì kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn yẹn. Kò yọ máàkì kankan nítorí Salomon. Ìyà rẹ̀ ti jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ nínú àkókò tó fi kọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó tò àwọn kókó ẹjọ́: "Ìbéèrè méjì ló wà níbí. Ṣé ilé-iṣẹ́ náà ti wà nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn? Ta ni yóò san gbèsè náà?" Èkíní gba máàkì kan. Èkejì kò ṣe kedere tó, nítorí "ta ni yóò san" lè kó ilé-iṣẹ́ àti Àdùkẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó tẹ̀ lé e fi hàn pé gbèsè ọrùn Àdùkẹ́ ló ní lọ́kàn, olùkọ́ sì fún un ní ọ̀kan. Ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Méjì nínú mẹ́ta.

Ibi tí ó ti sọ òfin ni ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Ó sọ ìtàn Kelner pẹ̀lú Baxter láìṣìṣe, ó dárúkọ Edokpolo, ó sì gba méjèèjì tó wà fún òfin àtijọ́. Ó wá kọ ọ́ pé: "Ilé-iṣẹ́ kò lè fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ṣe ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ láéláé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wí. Abala 72 òfin 1990 sì sọ pé ẹni tó bá ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ni yóò dá gbèsè rẹ̀ san." Ìdájí abala ló wà nínú gbólóhùn méjì yìí. Ẹni tó bá ka abala 72 fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ìpín kìíní, tó ní ilé-iṣẹ́ lè fọwọ́ sí i, kó tó dé ìpín kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí lò. Ó jọ pé inú ìwé àkọsílẹ̀ ẹlòmíràn ló ti kó o. Òdo nínú méjì ni fún ìpín kìíní. Fún ìpín kejì, ó gba ọ̀kan nítorí òfin náà tọ̀nà, ó sì pàdánù ọ̀kan nítorí kò mẹ́nu ba àyàfi inú rẹ̀. Àpapọ̀ fún òfin di mẹ́rin nínú méje.

Nọ́ńbà abala tó kọ ń béèrè fún ìpinnu. Ọdún 2023 ni wọ́n ṣe àdéhùn, òfin 2020 ló sì ń darí rẹ̀, nítorí náà abala 72 òfin 1990 kò bá a mu mọ́. Síbẹ̀ ohun tí abala méjèèjì sọ kò yàtọ̀. Bí olùkọ́ bá yọ máàkì níbi òfin nítorí nọ́ńbà, kó tún yọ ọ́ níbi ìtọ́ka sí òfin, ó ti fi ìyà méjì jẹ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Àtẹ ti ya máàkì kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́ka, ibẹ̀ nìkan sì ni ìyọkúrò náà gbọ́dọ̀ ti wáyé. Nítorí náà òdo nínú ọ̀kan ló gbà níbẹ̀, máàkì òfin rẹ̀ sì dúró.

Ní fífi òfin wọn ọ̀rọ̀, ó fi ọjọ́ 4 oṣù kẹta wé ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ó ní ilé-iṣẹ́ kò tíì sí. Máàkì kan. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ló dára jù nínú gbogbo ìwé rẹ̀: "Pé ilé-iṣẹ́ lo ẹ̀rọ, tó sì san ₦1,000,000, kò yí nǹkan kan padà, gẹ́gẹ́ bí wáìnì tí hòtẹ́ẹ̀lì lò nínú Kelner kò ṣe yí nǹkan kan padà." Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè rí ìbáramu yẹn mọ bí a ṣe ń lo ẹjọ́ àtijọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé òfin ti kúrò níbẹ̀, àti pé ohun tí kò wúlò fún oníwáìnì ní 1866 lè gba Ládípọ̀ là lónìí.

Kí ni kí olùkọ́ ṣe sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀? Àwọn kan yóò ní nígbà tó jẹ́ pé òfin tó lò ti kú, kò sí máàkì kankan níbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìrònú rẹ̀ tọ́ láti orí ìpìlẹ̀ tó dúró lé, kí ó gba méjì ó kéré tán. Àtẹ yìí ti yanjú rẹ̀ nípa pípín mẹ́ta náà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti kó ohun tó ṣẹlẹ̀ jọ, ìyẹn ẹ̀rọ àti owó, ó sì rí i pé wọ́n kan ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Máàkì síso wọ́n mọ́ abala 96 kò lè tọ́ sí i nítorí kò mọ̀ pé abala náà sọ ọ́. Máàkì ẹ̀kẹta, ti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì, kò lè tọ́ sí i nítorí ó pa iyàn náà dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú mẹ́ta.

Nípa Àdùkẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Nítorí náà gbèsè náà wà lọ́rùn Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀." Èyí gba máàkì kan nínú méjì. Èkejì wà fún ẹni tó bá dúró lórí ohun tí Àdùkẹ́ kọ sábẹ́ ìwé, "fún àti lórúkọ" ilé-iṣẹ́, kó sì béèrè bóyá ìyẹn ni àdéhùn gbangba tí abala 96 ń wí. Àwíjàre Àdùkẹ́ nínú ìbéèrè dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn pátápátá, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì dá a lóhùn. Ìdáhùn tó yẹ ni pé kíkọ ọ́ pé ènìyàn ń ṣojú fún ilé-iṣẹ́ kò tíì tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ní kedere pé gbèsè kò ní kàn án. Ẹjọ́ Phonogram pẹ̀lú Lane, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní 1981 lórí òfin tiwọn tó fara jọ èyí, ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ náà kò de ilé ẹjọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò lè gbé e síwájú adájọ́. Àtẹ kò ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ìrònú náà ni máàkì wà fún. Máàkì tó kù ní apá yìí, ti ohun tí ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́ yóò ṣe sí gbèsè Àdùkẹ́, bọ́ pátápátá. Àpapọ̀ rẹ̀ di mẹ́ta nínú méje.

Ìmọ̀ràn ìkẹyìn rẹ̀ ni pé: "Kí Ládípọ̀ pe Àdùkẹ́ nìkan lẹ́jọ́ fún ₦5,000,000." Iye náà tọ̀nà, ìmọ̀ràn náà kò sì lọ́ tìkọ̀, nítorí náà ó gba ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ "nìkan" ló gba èkejì lọ́wọ́ rẹ̀. Bí adájọ́ bá gbà pé ilé-iṣẹ́ ti fọwọ́ sí àdéhùn, Àdùkẹ́ lè bọ́, ọwọ́ Ládípọ̀ á sì ṣófo. Bí adájọ́ bá gbà pé kò fọwọ́ sí i, ilé-iṣẹ́ ni yóò bọ́. Agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ yóò pe àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ẹjọ́ kan, kí ó ní bí kò bá jẹ́ ti ẹni èkíní, kí ó jẹ́ ti ẹni èkejì. Nínú gbogbo ìdáhùn náà, ibí yìí ni àṣìṣe ti lè ná oníbàárà gidi ní owó.

Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀: méjì fún kókó ẹjọ́, mẹ́rin fún òfin, mẹ́ta fún fífi òfin wọn ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ìmọ̀ràn, òdo fún ìtọ́ka. Mẹ́wàá nínú ogún.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń dúró síbẹ̀. Wọ́n á kọ òǹkà sí iwájú ìwé, bóyá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ bíi "kò jinlẹ̀ tó," akẹ́kọ̀ọ́ á sì lọ sílé pẹ̀lú èrò pé òun ní àléébù mẹ́wàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá orísun máàkì kọ̀ọ̀kan tó bọ́, àṣìṣe mẹ́ta péré la ó bá. Pé kò mọ ìpín kìíní abala 96 ló gba máàkì kan lọ́wọ́ rẹ̀ níbi kókó ẹjọ́, méjì níbi òfin, méjì níbi ìfọwọ́sí ilé-iṣẹ́, ọ̀kan níbi ìtúsílẹ̀ Àdùkẹ́, ọ̀kan níbi ìmọ̀ràn. Méje nìyẹn. Pé kò rántí àyàfi inú ìpín kejì gba ọ̀kan níbi òfin àti ọ̀kan níbi ohun tí Àdùkẹ́ kọ sábẹ́ ìwé. Òfin tí wọ́n ti rọ́pò gba ọ̀kan tó kù.

Ẹnìkan lè bínú pé àṣìṣe kan kò yẹ kó gba máàkì méje. Ẹ̀sùn yẹn tọ́ sí ìdáhùn, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń kọ àtẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti máàkì tán. Ìdánwò kan wà tó rọrùn: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìpín kìíní lè pàdánù ọ̀kan nínú máàkì méje yẹn kó sì gba ìyókù? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ẹlòmíràn lè sọ òfin náà dáadáa kó má lo ẹ̀rọ àti owó tí wọ́n san. Ẹlòmíràn lè lò wọ́n kó má gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì yẹ̀ wò. Ẹlòmíràn lè ṣe gbogbo rẹ̀ kó tún gba Ládípọ̀ nímọ̀ràn pé kí ó pe ẹnì kan ṣoṣo. Máàkì kọ̀ọ̀kan ń dán nǹkan ọ̀tọ̀ wò, nítorí náà àtẹ náà dúró. Bí ó bá jẹ́ pé méjì nínú wọn kì í yà láéláé, tí ẹni tó gba ọ̀kan á gba èkejì dandan, ohun kan náà ni olùkọ́ ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yẹ kó da wọ́n pọ̀.

Àlàyé tí olùkọ́ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀lé orísun wọ̀nyí. Èyí tó wúlò ń ṣe ohun mẹ́ta: ó ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ gan-an, ó ń sọ ohun tí àtẹ ń wá níbẹ̀, ó sì ń fi gbólóhùn tí ìbá gba máàkì hàn. Fún àṣìṣe ńlá inú ìwé yìí, olùkọ́ lè kọ báyìí sí ẹ̀gbẹ́ "láéláé" lójú ewé kẹta: "Edokpolo ni òfin títí di 1990. Abala 96 (1) òfin 2020 gba ilé-iṣẹ́ láàyè láti fọwọ́ sí i. Ìbá tó kí o kọ pé: ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń lò àti ₦1,000,000 tó san lè jẹ́ ìfọwọ́sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìpinnu olùdarí. Máàkì méje ni èyí kàn. Wo ibi tí mo fi àmì A sí." Kí ó wá fi àmì A sí ibi márùn-ún tí máàkì wọ̀nyẹn ti bọ́. Gbólóhùn bíi "wo ìwé rẹ dáadáa" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ìwé rẹ̀ gan-an ló ṣì í lọ́nà.

Ó tún yẹ kí àlàyé sọ ohun tí kò gba máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò wo ojú ewé kan àbọ̀ tó fi kọ Salomon, yóò sì rí máàkì kan níbẹ̀. Bí wọn kò bá sọ ìdí rẹ̀ fún un, yóò rò pé kò kọ ọ́ tó, yóò sì kọ ojú ewé méjì nígbà mìíràn.

Nígbà mìíràn, àtẹ fúnra rẹ̀ ló ń ṣàṣìṣe, nǹkan méjì ló sì máa ń fi í hàn. Èkíní ni kí ọ̀pọ̀ ìwé, títí kan ti àwọn tó mọ̀ jù, pàdánù máàkì kan náà. Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè kò béèrè ohun tí àtẹ ń wá. Èkejì ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ọ̀rọ̀ tó tọ̀nà wá tí olùkọ́ kò ronú kàn. Nínú ìbéèrè yìí, ẹnìkan lè sọ pé ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ń lò àti owó tó san jẹ́ àdéhùn tuntun láàárín òun àti Ládípọ̀ lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, tí kò fi ní nílò abala 96 rárá. Ìrònú tó dára nìyẹn. Bí olùkọ́ bá fẹ́ fún un ní máàkì, kí ó kọ ọ́ sínú àtẹ, kí ó sì padà sí àwọn ìwé tó ti máàkì ṣáájú láti wò ó bóyá ẹlòmíràn ti sọ bẹ́ẹ̀. Máàkì tí ìwé kan gbà lábẹ́ àtẹ tuntun nígbà tí ìwé mìíràn wà lábẹ́ ti àná jẹ́ ìrẹ́jẹ, bó ti wù kí ọkàn olùkọ́ mọ́ tó. Ìdí mìíràn nìyí tó fi dára kí ó máàkì ìbéèrè kan yìí nínú gbogbo ìwé tán kó tó bọ́ sórí ìbéèrè kejì: àtẹ yóò ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ṣe nínú ìbéèrè mìíràn kò sì ní tì í.

Nínú ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà ń lò, ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wà ní ìsàlẹ̀ ipele "C", àádọ́rin sì ni "A" ti ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá nínú ogún tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí gbà jẹ́ àádọ́ta gééré. Bí ó bá mọ ìpín kìíní abala 96, tó sì lò ó ní ibi tó ti yẹ, mẹ́tàdínlógún ni ì bá gbà nínú ogún, ìyẹn ìdá márùndínláàádọ́rùn-ún.